Ẹ Jókòó Sílẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Yọ Ọkùnrin Kan Nínú Ọ̀sà Nígbà Tí Ìjì Ń Jà

Ìjì òṣù kẹrin kì í yọ́ wọ orí ọ̀sà Èkó. Ó máa ń fi ara rẹ̀ hàn kó tó dé, ẹni tó bá sì ti pẹ́ lórí omi mọ bó ṣe ń ṣe. Atẹ́gùn tó ti ń fẹ́ bọ̀ láti ìhà òkun láti àárọ̀ yóò kọ́kọ́ dá wáí. Ooru yóò mú. Omi yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ni ìkùukùu dúdú yóò gbára jọ níhà ìlà oòrùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì ṣú ju òkè rẹ̀ lọ. Bí atẹ́gùn tútù àkọ́kọ́ bá ti ìhà ibẹ̀ kan ènìyàn lójú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù.

Gbogbo rẹ̀ la rí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkọ̀ wa kúrò ní Ìkòròdú, ó kọrí sí Fálọ́mọ. Ọkọ̀ fáíbà ni, ẹ́ńjìnnì méjì ló wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi tapólì bo orí rẹ̀. Wọ́n ká tapólì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sókè kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè wọlé. Kápútéènì dúró níwájú, níbi tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ wà. Ọmọ ọkọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Àwọn méjì péré ni òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀. Kálukú ló wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn wọlé láìwọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ooru mú débi pé a kò tíì rìn jìnnà tí àwọn èrò mélòó kan fi tú ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá fi ti òkè nìkan sílẹ̀. Ọkùnrin tó padà já sómi wà lára wọn. Ìjókòó tó wà lápá ọ̀tún, níwájú ìjókòó ìkẹyìn, ló jókòó sí, ó gbé àpò rẹ̀ sórí itan.

Kápútéènì kò fi pa mọ́ fún mi nígbà tí a gúnlẹ̀ pé òun rí ìkùukùu náà láti èbúté. Ìṣirò tó ṣe ni pé òun yóò ti wọ ojú omi tóóró tó lọ sí Fálọ́mọ kí ìjì tó dé, nítorí pé ilẹ̀ ló wà lọ́tùn-ún lósì níbẹ̀, ìgbì kì í sì í lágbára. Àwọn èrò ti ń pariwo pé àkókò ń lọ. Ó gbéra. Lójú tèmi, dídúró ló yẹ kó dúró, nítorí agbára irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan lọ, ariwo èrò kò sì tó nǹkan tí ènìyàn ń torí ẹ̀ wọ àárín ọ̀sà. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

Àárín ọ̀sà gan-an ló ká wa mọ́. Afárá Tọ́ọ̀dù Méńláǹdì wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa lọ́nà jíjìn. Lójijì ni mi ò rí i mọ́, òjò ti bò ó. Atẹ́gùn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti ọwọ́ òsì kọlu ọkọ̀. Ọ̀sà Èkó kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi, ibi tí kò sì jìn ni ìgbì ti máa ń kúrú, tó máa ń ga ṣánṣán, tí ọ̀kan kì í sì í jẹ́ kí èkejì sinmi. Ìgbì ọ̀hún kò ju ìwọ̀n mítà kan lọ níbi tó ga jù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ń gbá. Kápútéènì dín eré kù. Ohun tó fi máa ń sáré nígbà tí omi bá tòrò tó mítà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó fà á wálẹ̀ sí bíi mẹ́rin. Ìyẹn nìkan ló gba ọkùnrin náà là kó tó já rárá, bó o bá bi mí.

Òjò ń wọlé sí wa lára. Ọkùnrin yìí dìde láti fa tapólì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìjókòó, ó na ọwọ́ sókè, ó tú okùn tó dè é. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lára tapólì náà. Atẹ́gùn tó ń gba ọwọ́ òsì wọlé tó ń gba ọwọ́ ọ̀tún jáde gba abẹ́ tapólì, ó sì gbé e jáde síta, ó fẹ̀ gbàgà. Ọkùnrin náà kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbì kan gbé ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ sókè ní àkókò kan náà, ọkọ̀ dagun sọ́tùn-ún, etí ọkọ̀ kò sì ga ju orúnkún rẹ̀ lọ níbi tó dúró sí. Ó bá tapólì jáde. Okùn kejì já, ó sì wọ inú omi pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ké. “Ènìyàn ti já sómi! Ọwọ́ ọ̀tún! Ọwọ́ ọ̀tún!”

Òjò àti ẹ́ńjìnnì gbé ohùn rẹ̀ mì. Kápútéènì tó wà níwájú kò gbọ́, àwa tó wà láàárín la gba ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kó tó yíjú. Ní eré tí ọkọ̀ ń sá nígbà náà, ogún mítà ni ìyẹn. Ká ní kò tíì dín eré kù ni, à bá ti fi ọkùnrin náà sẹ́yìn tó àádọ́ta mítà. Lójú ìgbì tó ga tó mítà kan, orí ènìyàn tó yọ sójú omi kò ju àgbọn kan lọ. Bí ó bá bọ́ sẹ́yìn ìgbì, kò sí mọ́.

Ọmọ ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kí kápútéènì tó gbọ́. Róbà róbótó aláwọ̀ ọsàn kan wà tí wọ́n so mọ́ òpó ẹ̀yìn. Ó já a, ó sì jù ú. Kò jù ú lu ọkùnrin náà lórí, ó jù ú kọjá rẹ̀ díẹ̀ lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ kí atẹ́gùn lè gbé e wá bá a. Mo rò pé torí kí ọkùnrin náà lè dì í mú nìkan ni. Ọmọ ọkọ̀ ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ méjì ni róbà yẹn ń ṣe. Omi ọ̀sà ń fà lọ síhà òkun lákòókò yẹn, ọkùnrin náà ń bá a lọ, ọkọ̀ náà ń bá a lọ. Bí kápútéènì bá fi òpó kan tàbí igi apẹja kan ṣe àmì, ojú kan ni òpó máa wà, ènìyàn á sì ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kan náà ló ń gbé róbà àti ènìyàn. Ibi tí róbà bá wà, ènìyàn kò lè jìnnà sí i.

Nǹkan tí ọmọ ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ó di apá ìyá oníṣòwò kan tó jókòó lápá ọ̀tún mú, ó ní: “Màmá, ẹ nàka sí i. Ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀. Ohun yòówù kí wọ́n bá yín sọ, ẹ má dá wọn lóhùn.” Ìyá náà nàka. Kò sẹ́jú sí òjò. Nígbà tí ọkọ̀ ń yí, ìka rẹ̀ ń yí, ó kúrò lápá ọ̀tún, ó bọ́ sẹ́yìn, ó padà síwájú. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fi ọwọ́ kejì gbé e ró. Ìka yẹn ni kápútéènì ń wò, kì í ṣe omi. Ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ ní ìgbì àti atẹ́gùn tó ń ṣọ́, kò lè máa wá orí ènìyàn pẹ̀lú rẹ̀.

Kí kápútéènì tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ó yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú jíà, ó sì yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sápá ọ̀tún, sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkùnrin náà já sí. Àwọn èrò mélòó kan pariwo pé ó fẹ́ gun un mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí orí ọkọ̀ bá yà sọ́tùn-ún, ìdí rẹ̀ á fì sósì, ìdí ni abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì sì wà. Bó bá yà sósì láti sá fún un, ńṣe ni yóò gbé abẹ̀bẹ̀ wá bá a.

Àkókò yìí gan-an ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé.

Gbogbo ènìyàn dìde. Ẹni tó wà lósì fẹ́ rí i, ẹni tó wà lọ́tùn-ún fẹ́ na ọwọ́ sí i, ẹnì kan ti gbé fóònù sókè. Ọkọ̀ fì sápá ọ̀tún débi pé omi gba orí etí rẹ̀ wọlé, mo rí i tó ń ṣàn lórí pákó ìtẹ̀mọ́lẹ̀ dé abẹ́ bàtà mi. Kápútéènì kò wo ọkùnrin tó wà nínú omi mọ́. Ó yíjú padà sí wa, ó fi gbogbo agbára ohùn rẹ̀ ké: “Ẹ jókòó! Gbogbo yín, ẹ jókòó sílẹ̀! Ẹni tó bá dìde ló máa pa wá!”

Ọmọ ọkọ̀ ń fi èjìká ti àwọn ènìyàn padà sórí ìjókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá àgbà kan bá a ké mọ́ wọn. A jókòó, ọkọ̀ sì nàró. Ní Fálọ́mọ, kápútéènì sọ fún mi pé ẹni tó wà nínú omi yẹn kò bà á lẹ́rù tó àwa tó wà nínú ọkọ̀. “Òun, láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn rẹ̀, omi kò tutù, mo ń rí i. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ẹnì kan di ogún.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé kúrò níbẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, mo rò pé lílúwẹ̀ẹ́ àti ìgboyà ni wọ́n fi ń yọ ènìyàn nínú omi. Kò sẹ́ni tó bẹ́ sómi lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti bọ́ bàtà láti bẹ́, ọmọ ọkọ̀ sì kọ̀ fún un, ó ní bó bá bẹ́, ènìyàn méjì ni àwọn máa wá.

Kápútéènì tún ṣí iná ẹ́ńjìnnì. Ó yí lọ sápá ọ̀tún títí, ó fi ẹ̀yìn fún atẹ́gùn, ó jìnnà díẹ̀, kó lè yí orí ọkọ̀ padà kó sì bọ̀ wá bá ọkùnrin náà ní ìdojúkọ atẹ́gùn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kàn gba òkè atẹ́gùn, kó jẹ́ kí atẹ́gùn gbé wa lọ bá a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní ọkọ̀ yẹn fúyẹ́, tapólì orí rẹ̀ ń gba atẹ́gùn, ó máa ń sáré ju ènìyàn tó wà nínú omi lọ. Bó bá wà lókè atẹ́gùn, á gun ọkùnrin náà lórí, á sì tì í sábẹ́ ara rẹ̀. Ìsàlẹ̀ atẹ́gùn ló ti máa ń bọ̀, kí atẹ́gùn lè jẹ́ bíréèkì fún un.

Ó ní ibi kan nínú yíyí yẹn tó burú. Ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ fún ìgbì kí orí ọkọ̀ tó lè dojú kọ atẹ́gùn. Ó dúró. Ìgbì ńlá mẹ́ta kọjá lẹ́yìn wa. Nígbà tí àwọn kéékèèké tó tẹ̀ lé wọn dé, ó fún ẹ́ńjìnnì ní iná dáadáa, ó sì yí i kíá.

Ìgbà àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i. Ó sún mọ́ ọkùnrin náà, ó kù bíi mítà mẹ́fà, ó wá fa eré wálẹ̀ jù. Orí ọkọ̀ kò ní agbára tí yóò fi dúró mọ́, atẹ́gùn gbá a sápá kan, a sì fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìlè fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin náà ti di róbà mú nígbà náà. Mo rí ojú rẹ̀. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbéra lọ sókè títí ó fi bo etí rẹ̀, nítorí ìdè ìsàlẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti fà á mọ́ra. Àgbọ̀n rẹ̀ wà nínú kọ́là rẹ̀, omi ń gbá a lẹ́nu, ọwọ́ kan ló sì fi ń di róbà mú nítorí pé ó ń fi èkejì fa jákẹ́ẹ̀tì náà wálẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ ké sí i pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lúwẹ̀ẹ́! Ẹ di róbà mú, ẹ kẹ́yìn sí ìgbì! À ń bọ̀!”

Ìgbà kejì, kápútéènì kò dín eré kù títí ó fi dé tòsí. Ọmọ ọkọ̀ ti wá sí àárín ọkọ̀, ó ju okùn. Okùn náà bọ́ sórí róbà, ọkùnrin náà sì fi apá kọ́ ọ. Bí okùn ṣe le báyìí, kápútéènì pa ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Kò fi wọ́n sílẹ̀ láìsí nínú jíà lásán, ó pa wọ́n pátápátá. Ó ní nínú ìjì tí àwọn ènìyàn ń ṣubú lura wọn, ẹnì kan lè fara gbá ọwọ́ jíà, abẹ̀bẹ̀ á sì yí. Ohun tó ná wa ni pé a kò lè darí ọkọ̀ mọ́, ìgbì ń gbá wa bó ṣe wù ú. Ó ti ṣírò pé ìṣẹ́jú kan péré lòun ní kó tó tan iná padà.

Àárín ọkọ̀ ni wọ́n ti fà á wọlé, níbi tí etí rẹ̀ rẹlẹ̀ sí omi jù tó sì jìnnà sí ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin náà fẹ́ gun un fúnra rẹ̀. Ó di etí ọkọ̀ mú, ọkọ̀ sì fì. Kápútéènì tọ́ka sí àwọn ọkùnrin méjì tó sanra, ó ní kí wọ́n lọ jókòó sápá kejì. Ọmọ ọkọ̀ fẹ́ fi èjìká láìfù jákẹ́ẹ̀tì fà á sókè, gbogbo jákẹ́ẹ̀tì náà sì fẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ kíákíá. Ó wá yí ọkùnrin náà padà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, òun àti ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ bẹ́ sómi níṣàájú kó ọwọ́ sábẹ́ abíyá rẹ̀. Wọn kò gbé e. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀ sínú omi, omi gbé e padà sókè. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, bí omi ṣe ń gbé e bọ̀ ni àwọn náà fà á, ìdí rẹ̀ sì jókòó sórí etí ọkọ̀. Ó ṣubú wọlé pẹ̀lú ẹ̀yìn bó ṣe jáde. Ènìyàn tó wọ jín-ìnsì àti bàtà tí omi ti kún kì í ṣe ẹrù ènìyàn méjì bí kò bá sí pé omi ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́fà ló lò nínú omi. Mo rò pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ń wúkọ́, ó ń mí. Ọmọ ọkọ̀ gbé etí sí imú rẹ̀, ó wo àyà rẹ̀, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí ohun tó bá ń bì lè jáde. Ẹnì kan ní kí wọ́n tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè tú. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ó kọ̀ fún gbogbo wọn. Omi tó wà nínú ikùn kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun padà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ká ní kò mí ni, èémí ni ì bá kọ́kọ́ fún un lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, nítorí àìsí afẹ́fẹ́ ló ń pa ẹni tó rì. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò máa tẹ àyà rẹ̀ nígbà ọgbọ̀n, èémí méjì, ọgbọ̀n, èémí méjì, láìdúró. Ìyá tó nàka tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ọkùnrin náà nítorí atẹ́gùn tó ń gbá ara rẹ̀ tó tutù.

Kápútéènì tan iná, ó dojú ọkọ̀ kọ atẹ́gùn, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń fi iná díẹ̀díẹ̀ gbé e ró. Kò forí lé Fálọ́mọ. Ó ní kí ọmọ ọkọ̀ mú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ wa sí ní Ìkòròdú, kó máa pe orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí kálukú máa jẹ́ ẹ. Nínú rúdurùdu bẹ́ẹ̀, ènìyàn kejì lè ti já kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Orúkọ pé. Àwa kan ń gbọ́n omi nígbà tí wọ́n ń pè é.

Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, òjò lásán ló kù. A wọ abẹ́ afárá tó so Lẹ́kì mọ́ Ìkòyí, omi sì tòrò. Ní èbúté, ọkùnrin náà ní ara òun ti yá, ilé lòun ń lọ. Kápútéènì kò gbà. Ó ṣàlàyé fún un níwájú mi pé ẹni tí omi bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè máa rìn, kó máa rẹ́rìn-ín, kí mímí sì wá di ìṣòro fún un lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ikọ́ tí kò dáwọ́ dúró ni àmì rẹ̀, òun náà sì ń wúkọ́ lọ́wọ́. Ó pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà tó wà nínú ìwé èrò, wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo pè é lọ́jọ́ kejì. Wọ́n dá a dúró mọ́jú, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ mí, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé láàárọ̀.

Àwọn èrò tó ń padà sí Ìkòròdú ti ń dúró lórí èbúté. Kápútéènì ní àwọn kò ní gbéra títí ìhà ìlà oòrùn fi mọ́. Ọmọ ọkọ̀ fa tapólì ẹ̀gbẹ́ tó kù wálẹ̀, ó dè é mọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má tún rí ohun tó máa dìde fà. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ó ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó, ó ń fi ìka méjì gbé èjìká jákẹ́ẹ̀tì kálukú sókè. Èyí tó bá ti gòkè dé etí, ó tú u, ó sì tún un dè láti ìsàlẹ̀.